Kọ̀ǹpútà Wà n'Ìkẹjà, Ọwọ́ Wà n'Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì tẹ nọ́ńbà kan lórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó wò mí. Ojú kọ̀ǹpútà kò yí padà. Ó mí kanlẹ̀ kí nọ́ńbà náà tó yọ. "Bọ̀dá Ẹ̀ńjìníà, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà rí i," ló wí. "Irú àsìkò yìí lánàá, ₦62,000 ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo tẹ òdo, kò yọ, mo rò pé kò wọlé, mo tún un tẹ̀. Ó di ₦620,000. Ọ̀gá wa ló pè mí láàárọ̀ yìí pé ta ló ra ọjà tó tó bẹ́ẹ̀."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà yẹn, nínú pálọ̀ wọn ní Bódìjà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ohun èlò ilé-ìwòsàn n'Ìkẹjà ló ń bá ṣírò owó. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì ni ètò ìṣirò owó wọn wà. Wọ́n ti gbà fún un pé kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa ti ilé ṣe ìyókù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ti bá wọn so ilé pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó, bí ìgbín ló ń rìn. Ọkọ rẹ̀ ra ráúta tuntun, wọ́n ra déétà tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yàtọ̀.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ń lò. Windows pè é ní Remote Desktop. Kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́; láàpútọ́ọ̀pù Bódìjà kàn ń wò ó bí ẹní ń wo tẹlifíṣọ̀n ni, àfi pé tẹlifíṣọ̀n yìí ń gba àṣẹ. Bó bá tẹ nọ́ńbà kan, nọ́ńbà náà á rìnrìn àjò lọ sí Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé owó, á ya àwòrán ibi tó yí padà lójú rẹ̀, á sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ padà. Ìgbà tí àwòrán bá dé Bódìjà ni nọ́ńbà tó hàn sí i. Fáìlì owó kò jáde kúrò ní ọ́fíìsì rárá, ohun tí àwọn ọ̀gá sì fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.

VPN ni ọ̀nà tí àṣẹ àti àwòrán náà ń gbà. Ẹ fi wé ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí a gbẹ́ láàárín ilé méjì: ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ kò ní mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń fo èyí, wọ́n á ní kí ráúta ọ́fíìsì ṣí ẹnu ọ̀nà 3389, tí Remote Desktop ń gbà, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ má dán an wò. Tọ̀sán-tòru làwọn kọ̀ǹpútà olè ń kanlẹ̀kùn káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì láti wá irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Microsoft kéde àléébù kan nínú Remote Desktop tí wọ́n sọ lórúkọ ní BlueKeep, tí olè lè gbà wọlé láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ó ká wọn lára débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014.

Bí a ṣe tún un tò

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Ìkẹjà, nígbà tí ọ́fíìsì dá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni irú Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ tẹ `winver`, yóò sọ fún yín. Windows Home lè lọ kí ẹlòmíràn, àmọ́ kì í gba àlejò. Pro ló ń gbà á. Pro ni tiwọn, ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì ti lọ sí Settings, ó ti wọ System, ó ti tan Remote Desktop níbẹ̀. Èyí tó ṣe é gan-an nìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì bí ó ṣe ń wọlé ní ọ́fíìsì, ó ní nọ́ńbà mẹ́rin lòun ń tẹ̀, ìyẹn PIN. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi orí gbá ògiri níbí: Remote Desktop kì í gba PIN. Ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè, ẹni tí kò bá sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni oorun. Kọ̀ǹpútà tó bá sùn kì í dá èèyàn lóhùn, Windows sì fẹ́ràn oorun. Àṣẹ kan yìí lé e kúrò lójú rẹ̀:

```
powercfg /change standby-timeout-ac 0
```

Ti NẸ́PÀ ló kù. Bí iná bá lọ tí ó tún dé, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà á jókòó sílẹ̀ láìtàn títí ẹnì kan yóò fi wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn, mo wọ inú BIOS, mo wá ibi tí wọ́n kọ `Restore on AC Power Loss` sí, mo yí i sí `Power On`. Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí tiyín. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá dé, kọ̀ǹpútà á dìde fúnra rẹ̀. Mo sì rí i dájú pé ráúta wà lórí ìnfátà kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n gbé sórí ìnfátà. Bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà wà láàyè, ọ̀nà ti kú.

WireGuard ni VPN tí ọmọ náà lò, mi ò sì rí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tò, bí kọ̀ǹpútà bá sì ti dìde ló ń dìde pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹni tó ń lo ráúta onísíìmù nílẹ̀ wa yóò bá pàdé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kì í sábà fún síìmù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye èèyàn ló ń pín ọ̀kan lò, bí agbo ilé ńlá tí gbogbo ayálégbé ń gba géètì kan ṣoṣo jáde. Ẹni tó wà nínú lè jáde, ẹni tó ti ìta dé ni kò mọ ojúlé tí yóò kàn. Ẹ wo àdírẹ́sì WAN nínú ojú ìwé ráúta yín: bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, inú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ lẹ wà.

Nítorí èyí, Bódìjà kò lè wá Ìkẹjà lọ tààrà. A ní láti yá sẹ́fà kékeré kan tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì jáde lọ bá a, kó máa gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì. A fún sẹ́fà ní 10.8.0.1, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní 10.8.0.2, láàpútọ́ọ̀pù Ìyá Ìbejì ní 10.8.0.3. Ohun tó wà lórí láàpútọ́ọ̀pù náà rèé; àdírẹ́sì àpẹẹrẹ lásán ni mo fi sí iwájú `Endpoint`, kọ́kọ́rọ́ ni mo sì yọ kúrò:

```
[Interface]
PrivateKey = ...
Address = 10.8.0.3/32
MTU = 1280

[Peer]
PublicKey = ...
Endpoint = 203.0.113.10:51820
AllowedIPs = 10.8.0.0/24
PersistentKeepalive = 25
```

Irú rẹ̀ ló wà ní ọ́fíìsì, àdírẹ́sì àti kọ́kọ́rọ́ ló yàtọ̀, kò sì sí ìlà `MTU` níbẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ń ní kí kọ̀ǹpútà ju òkò kékeré kan sí sẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí ìkejì, kí géètì agbo ilé má baà gbàgbé pé ẹnì kan ti jáde. Bí kò bá sí i lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, VPN á ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ ń tò ó, á sì dákẹ́ tẹ́ ẹ bá délé. Lórí sẹ́fà fúnra rẹ̀, tó bá jẹ́ Linux, `net.ipv4.ip_forward=1` gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gba ọ̀rọ̀ sọ́wọ́, kò ní fi jíṣẹ́.

`AllowedIPs` ni mo bá àṣìṣe kan níbẹ̀. `0.0.0.0/0` ni wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí láàpútọ́ọ̀pù bá ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kó gba inú VPN. Orin ẹ̀mí tí Ìyá Ìbejì ń gbọ́ lórí YouTube bó ṣe ń ṣiṣẹ́, inú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà ni òun àti ìwé owó ti jọ ń fún ara wọn pa. Bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìkan ló ń gba VPN, orin ń gba ọ̀nà tirẹ̀.

Kí a tó ṣí Remote Desktop, a ní láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ti là dé ibẹ̀. Windows kì í sábà dáhùn `ping` tó bá ti òkèèrè wá, nítorí náà bí ẹ bá rí `Request timed out` láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ìyẹn kò sọ pé ó ti kú. Ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kàn, nínú PowerShell:

```
Test-NetConnection 10.8.0.2 -Port 3389
```

Bó bá ní `TcpTestSucceeded : True`, ẹ tẹ `mstsc`, ẹ kọ 10.8.0.2 síbẹ̀, ẹ wọlé.

Ibi tí ìfàsẹ́yìn ti ń wá

Gbogbo ìyẹn, ìṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ó wọlé, ó sì ń fà síbẹ̀. Déétà ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí, àmọ́ iṣẹ́ ìwé owó kò jẹ déétà púpọ̀. Nọ́ńbà tó yí padà lójú kọ̀ǹpútà kò ju àwòrán kékeré lọ. Bí ọ̀nà ṣe gbòòrò tó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, bí ó ṣe jìn tó ni. Ẹ lè fẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kó gba mọ́tò ogún lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó jìnnà sí kò ní fi kìlómítà kan sún mọ́ wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí èrò tó pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo jókòó ní Bódìjà, mo tẹ `ping 10.8.0.1`. Ó ń kọ `time=131ms`, 130, 133. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni ms kan, àkókò tí ọ̀rọ̀ fi lọ tó sì fi bọ̀ ló sì ń kà. Mo wá pe ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì lórí fóònù, mo ní kó tẹ ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, kó máa kà á fún mi. "Ó ní 124, sà. 125. 124." Níwọ̀n bí sẹ́fà ti wà láàárín, ẹ ní láti ro méjèèjì pọ̀: 131 àti 124 jẹ́ 255. Ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fi ń rìn kó tó hàn, kí kọ̀ǹpútà kankan tó ronú rárá.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó tò ó, mo béèrè ibi tí sẹ́fà náà wà. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù ni, torí ibẹ̀ ló dínwó jù.

Ẹ rò ó wò. Bódìjà sí Ìkẹjà kò tó 150 kìlómítà. Òdo kan ṣoṣo tí Ìyá Ìbejì tẹ̀ kúrò n'Ìbàdàn, ó kọjá l'Ékòó, ó wọ inú òkun, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó yí padà, ó tún gba inú òkun wá s'Ékòó, ó wá dé Ìkẹjà. Àwòrán rẹ̀ tún padà gba gbogbo ọ̀nà náà. Okùn MainOne, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2010, gùn tó bíi 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọtogí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn nínú okùn dígí ń sáré bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 35ms ló ń ná an láti dé Pọtogí nìkan. Ìgbà mẹ́rin ni nọ́ńbà kan àti àwòrán rẹ̀ gba irú òkun yẹn kọjá: 140ms, kí a tó ka ti Pọtogí sí Lọ́ńdọ̀nù, kí a tó ka ti ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà. Ráúta tí ọkọ rẹ̀ rà kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí. Kò sẹ́ni tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

A yá sẹ́fà míràn l'Ékòó, mo kó kọ́kọ́rọ́ lọ síbẹ̀, mo pààrọ̀ `Endpoint` lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Bódìjà di 31, Ìkẹjà di 17. Àpapọ̀ 48. Ìyá Ìbejì tẹ nọ́ńbà mẹ́ta léraléra, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀. Kí n fi èyí kún un o: pé sẹ́fà wà l'Ékòó kò fi dandan sọ pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde nílùú. Àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn kì í pàdé ara wọn nílé. Ọ̀rọ̀ láti ojúlé kan sí ìkejì l'Ékòó lè ti Yúróòpù yípo. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ti ń pàdé láti ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀ wọn nílé. Ẹ tẹ `tracert` pẹ̀lú àdírẹ́sì tó wà ní `Endpoint`. Bí àkókò bá fò láti 20 sí 100 láàárín ìlà méjì, ó ti wọ òkun nìyẹn.

Mo lérò pé iṣẹ́ ti parí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù dún. "Bọ̀dá, ó tún ti dé o."

Àìsàn kejì nìyí, ó sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ kì í mọ àsìkò, ìfàsẹ́yìn kan náà ni láàárọ̀ àti lálẹ́. Èyí ní aago. Mo ní kí ọmọkùnrin ọ́fíìsì yẹn tún tẹ `ping 10.8.0.1`, kó má dá a dúró, ìyẹn `ping -t`. Nọ́ńbà tó jẹ́ 17 láàárọ̀ ti di 640, 900, 1,150. Ìgbà mìíràn kì í dáhùn rárá. Mo béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́rin. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. A wò ó kiri títí a fi dé kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ya àwòrán ọjà: ètò kan wà lórí rẹ̀ tó ń kó àwòrán ọjọ́ náà lọ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́rin géérégé. Ó tó gígábáìtì 2 lójoojúmọ́. Mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lè gbé jáde, nítorí náà ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 53 kí ó tó tán.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ "jáde" yẹn, torí àwọn tó ń ta déétà kì í sọ ọ́. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí ráúta, ti ohun tó ń wọlé ni. Àmọ́ nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, àwòrán ń jáde láti ọ́fíìsì, ọ̀nà ìjáde ọ́fíìsì ló sì sábà máa ń há jù. Bí gígábáìtì 2 bá ti tò síbẹ̀, ráúta kì í lé ẹnikẹ́ni padà; gbogbo wọn ló ń gbà sórí ìlà, ìlà á gùn, ó di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwòrán kékeré Ìyá Ìbejì, tí kò wúwo tó ẹ̀kún ọwọ́, wà lẹ́yìn tírélà.

Mo lọ sínú ètò náà, mo ní kó má kọjá mẹ́gábíìtì 2, mo sì sún un sí aago méje alẹ́ nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ. Ọjọ́ kejì ní aago mẹ́rin, `ping` kà 18. Ráúta tó bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní SQM lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ fún gbogbo kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fún un ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára ìjáde yín, àmọ́ ti ọ́fíìsì yẹn kò ní in.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i ló pè mí. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ti lọ, ó fi fóònù rẹ̀ pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún láàpútọ́ọ̀pù, Remote Desktop gba ọ̀rọ̀ aṣínà, ojú kọ̀ǹpútà wá dúdú kirikiri. Mo béèrè bóyá ó ń lo láàpútọ́ọ̀pù tí mo tò. Ó ní rárá, ti ọkọ òun ni, òun da fáìlì àtijọ́ sórí rẹ̀, òun sì yí `Endpoint` rẹ̀ padà ni. Ìlà `MTU = 1280` kò sí nínú fáìlì àtijọ́. Ohun tí ìlà yẹn ń ṣe ni pé ó ń dín ẹrù kọ̀ọ̀kan kù. WireGuard fúnra rẹ̀ máa ń di ẹrù tó 1,420, àwọn ọ̀nà kan lórí fóònù kò sì gba ẹrù tó bẹ́ẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ aṣínà kéré, ó kọjá. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tóbi, ó há. Bí ẹ bá rí i pé ó gba yín wọlé tán kó tó dúdú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìyókù, nǹkan kéékèèké ni. Nínú `mstsc`, ẹ lè tẹ Show Options, kí ẹ dín àwọ̀ kù sí 16 bit, kí ẹ sì yọ àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà kúrò. Ó ń ṣèrànwọ́ fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ há, kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Kò sì sí bí ẹ ṣe máa tò ó tí fídíò yóò dùn ún wò nínú rẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán ọjà yẹn kò sì lè ti ilé ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́nà yìí kó gbádùn.

Ìyá Ìbejì ti ń ṣe ìwé owó oṣù kẹta báyìí láti Bódìjà. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń fà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó déétà, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tò ó fún yín: níbo ni sẹ́fà yẹn wà?